Ìdá 10 nínú kí ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wá fi iṣẹ́ lọ̀ mí, owó oṣù wọn sì fi ìdá 18 nínú 100 ju tèmi lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ò yàtọ̀, ìdá 10 ni ibi méjèèjì ń san. Wọ́n ní adójútòfò ìlera, ìsinmi wọn tiẹ̀ tún pọ̀ ju tibí lọ: ọjọ́ 30, èmi ń gba 25. Ọkọ mi ní kí ni mo tún ń rò. A ní ọmọ kan, a sì fẹ́ bí èkejì láìpẹ́. Mo ti fi lẹ́tà méjèèjì ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí ni?"

Ó wà. Ojú ìwé kejì lẹ́tà tuntun yẹn ló wà, níbi tí wọ́n ti pín owó oṣù sí wẹ́wẹ́. Kí n má baà kọ iye owó yín síta, mo ti sọ owó oṣù tí ẹ ń gbà báyìí di 100, tuntun sì di 118. Níbi tí ẹ wà, 80 nínú 100 yẹn ni wọ́n pè ní owó oṣù ìpìlẹ̀, 20 tó kù jẹ́ àjẹmọ́nú. Níbi tuntun, 50 péré ni ìpìlẹ̀. 68 tó kù ni wọ́n fọ́n káàkiri: owó ilé, owó ọkọ̀, owó aṣọ, owó fóònù. Lójú ẹni tó ń gba owó lópin oṣù, owó ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣírò rẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, torí pé ìpìlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń wọn gbogbo ohun yòókù. Ọdún 17 ni mo fi jókòó nídìí ìwé owó oṣù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ gé ìpìlẹ̀ kúrú kí ohun tó ń jáde lápò òun lè dín kù, mo sì ti rí èyí tó kàn bá a bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣètò ìwé wọn, tí kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè mọ́. Mi ò mọ èwo ni ti àwọn wọ̀nyí. Àbájáde rẹ̀ fún yín kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ní kò yàtọ̀. Lóòótọ́, ìdá 10 ni wọ́n kọ síbi méjèèjì, àmọ́ ìdá 10 nínú kí ni? Lẹ́tà ti ibi tí ẹ wà sọ pé nínú gbogbo owó oṣù, ìyẹn 10 lóṣooṣù, 120 lọ́dún. Lẹ́tà tuntun sọ pé nínú owó oṣù ìpìlẹ̀, ìyẹn 5 lóṣooṣù, 60 lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ tó ń fún yín lówó tó pọ̀ sí i lójú ni yóò máa fi ìdajì ohun tí ẹ ń rí tẹ́lẹ̀ pamọ́ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí 60 tó ń já lọ́dọọdún yẹn ṣe tóbi tó, ẹ fi ogún ọdún sí i. Bí èrè orí owó náà bá fi ìdá 3 nínú 100 ju ọ̀wọ́ngógó ọjà lọ lọ́dọọdún, 60 lọ́dún fún ogún ọdún yóò lé díẹ̀ ní 1,600. Owó iṣẹ́ yín ọdún kan gbáko báyìí jẹ́ 1,200.

Ibì kan wà níbí tó máa ń tan èèyàn jẹ. Owó tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà yóò kéré sí i níbi tuntun. Ìdá 8 ni ibi méjèèjì ń yọ, 8 níbi tí ẹ wà, 4 níbi tuntun. Bí ẹ bá wá fi ohun tó ń wọ báńkì wé ara wọn, 92 àti 114, á dà bíi pé 22 lẹ fi jèrè, kì í ṣe 18. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 4 tí wọn ò yọ mọ́ yẹn, owó yín ni látilẹ̀wá. Àpò kan ló kúrò tó bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má ka ohun tí wọ́n ń yọ lára yín mọ́ èrè, ẹ má sì kà á mọ́ àdánù. Ohun tí agbanisíṣẹ́ fi kún un láti àpò tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Gbólóhùn kan tún wà lábẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì yẹn, tí wọ́n kọ ní lẹ́tà wínníwínní: owó tí agbanisíṣẹ́ bá fi pamọ́ kò ní di ti òṣìṣẹ́ títí yóò fi lo ọdún 3 gbáko lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Mo kúrò níbi iṣẹ́ kan nígbà tí mo ti lo ọdún 2 àti oṣù 10, torí ibi tí mò ń lọ fẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ń ṣírò owó oṣù fáwọn ẹlòmíràn, mi ò sì ka ìwé tèmi. Nígbà tí ìwé ìdágbére dé, òpó méjì ló wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ "ti òṣìṣẹ́" ni gbogbo ohun tí wọ́n ti yọ lára mi wà pé pérépéré. Lábẹ́ "ti ilé-iṣẹ́", òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi yíńkì pupa yí i ká. Ká ní mo mọ̀, mi ò bá bẹ ibi tuntun kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì péré. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láwọn ibòmíràn, láti ọjọ́ tí owó náà bá ti wọlé ló ti di ti òṣìṣẹ́. Láwọn ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń di tirẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àwọn òfin ibòmíràn tiẹ̀ ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó ti wà nínú lẹ́tà yín, 60 lọ́dún yẹn kì í ṣe 60 lónìí. Bó bá jẹ́ pé ìdajì ọkàn yín ló gbà pé ẹ máa pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀, 30 ni kí ẹ kà á sí. 120 dín 30 jẹ́ 90, ìyẹn sì ni ìyàtọ̀ tí mo fi ṣe ìṣirò tó ń bọ̀.

(Gbogbo èyí kan ètò ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń kó jọ. Irú kejì wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ṣèlérí iye kan lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú, tí wọ́n fi owó oṣù tí èèyàn gbà kẹ́yìn àti ọdún tó lò ṣe òṣùwọ̀n. Ìdá tí wọ́n ń dá sínú ìyẹn kì í sọ bó ṣe níye lórí tó, kò sì ṣe é fi wé ti àkọ́kọ́ báyìí. Ti ẹ̀yin kò sí nínú ìyẹn.)

Ní ti adójútòfò ìlera, "a ní i" kò tíì sọ nǹkan kan. Ta ni wọ́n ń san án fún, apá wo ni wọ́n ń san nínú owó ìtọ́jú, ọjọ́ wo ló sì máa bẹ̀rẹ̀? Níbi tí ẹ wà, agbanisíṣẹ́ ló ń san gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yin, ọkọ yín àti ọmọ. Níbi tuntun, òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń san fún. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ àti ọmọ kún un, 3 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa yọ lóṣooṣù, ìyẹn 72 lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú gbogbo owó ìtọ́jú tí ẹ bá jẹ, ìdá 20 nínú 100 yóò ti ọwọ́ yín jáde kí wọ́n tó san ìyókù. Mo fojú bù ú pé ìtọ́jú ìdílé yín lọ́dún kan lè tó 60. Ẹ kó rìsíìtì ọdún tó kọjá jọ kí ẹ sì fi iye tó jẹ́ gan-an rọ́pò tèmi. Nínú 60, ìdá 20 jẹ́ 12. 72 àti 12 jẹ́ 84 lọ́dún, èyí tí ẹ kì í san báyìí.

Ohun tó kàn yín jù níbẹ̀ kò sí nínú 84 yẹn. Wọ́n kọ ọ́ pé wọn ò ní san owó ìtọ́jú oyún àti ìbímọ títí oṣù 12 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníbánigbófò ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí wọn ò fẹ́ kí èèyàn dúró dìgbà tó bá lóyún kó tó wá forúkọ sílẹ̀, mi ò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ ka oṣù yín. Bí ẹ bá lóyún ní oṣù kejì lẹ́nu iṣẹ́, oṣù kọkànlá lẹ máa bímọ, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún oyún dé ọjọ́ ìbímọ ni ẹ máa fi owó ara yín san, bó bá sì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin lẹ ni ín náà. Kódà bí ẹ bá dúró tí oṣù 12 fi kọjá, ẹ wo iye tí wọn ò ní kọjá lórí ìbímọ. Ẹ béèrè ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọn kì í san sí, kí ẹ sì pe ọsibítù tí ẹ ń lò fúnra yín, kí ẹ bi ẹni tó wà nídìí owó níbẹ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gba káàdì adójútòfò náà. Orúkọ ọsibítù máa ń pẹ́ lórí ìwé lẹ́yìn tí ọsibítù náà ti yọwọ́. Ẹ tún rántí pé ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbi tí ẹ wà ni ti ibẹ̀ máa parí ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí tuntun bá di ìparí àkókò ìdánwò kó tó bẹ̀rẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ máa wà láìní ìkankan.

Owó oṣù ìpìlẹ̀ tún padà wá níbi ìsinmi ìbímọ. Ìwé yín tẹ́lẹ̀ ní gbogbo owó oṣù lẹ máa gbà títí ìsinmi náà yóò fi parí. Tuntun ní owó oṣù ìpìlẹ̀ nìkan, torí pé wọn kì í san owó ọkọ̀ àti owó aṣọ fún ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé tí Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé ṣe lórí ààbò ìyá ọlọ́mọ lọ́dún 2000, ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlélọ́gọ́sànán irú rẹ̀, sọ pé ìsinmi náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 14, àti pé níbi tí wọ́n bá ti ń fi ohun tí obìnrin náà ń gbà tẹ́lẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá ti fọwọ́ sí i nìkan ló dè, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ti fọwọ́ sí i, nítorí náà òfin ibi tí ẹ wà ni kí ẹ wò. Bí ọ̀sẹ̀ 14 bá jẹ́ oṣù mẹ́ta àti díẹ̀, 50 lẹ máa gbà dípò 118 ní oṣù kọ̀ọ̀kan. 68 tó ń já lóṣooṣù á di nǹkan bíi 220. Owó tí wọ́n fi kún ti yín fún odindi ọdún kan jẹ́ 216. Ìbímọ kan ti gbé e lọ. Ẹ tún béèrè bóyá èèyàn gbọ́dọ̀ ti lo iye oṣù kan kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yẹn rárá, torí mi ò rí i nínú lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìsinmi ọdọọdún rọrùn ju èyí lọ. Ọjọ́ 25 tí ẹ ń gbà, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ọjọ́ 30 ti tuntun, "ọjọ́ tó tẹ̀ léra wọn" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé wọ́n ń ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn. Ọjọ́ 30 bẹ́ẹ̀ kò ju ọjọ́ iṣẹ́ 21 sí 22 lọ. Ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ lẹ máa pàdánù, ẹ ò ní jèrè márùn-ún. Láti fi owó wò ó, ẹ pín owó ọdún tuntun, 1,416, sí ọjọ́ iṣẹ́ 260 tó wà nínú ọdún. Ọjọ́ kan á jẹ́ 5 àti díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 19. Mi ò ní fi èyí da ara mi láàmú púpọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé kí wọ́n wá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n bi í pé, "Ìgbà wo lẹ lọ sísinmi kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó lẹ sì lò?" Bó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ó wá kù ká kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àfikún owó yín jẹ́ 216 lọ́dún. Owó orí yóò bù nínú ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń bù nínú àfikún, 184 ló máa kù. Ẹ yọ 90 ti owó ìfẹ̀yìntì, 84 ti ìlera àti 19 ti ìsinmi. Ó ku òdì 9. Ìdá 18 tó dùn-ún gbọ́ yẹn ti gbẹ, a ò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìbímọ. Ẹ má dì mọ́ 9 yẹn o, àbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá dá yín lójú pé ẹ máa lò ju ọdún mẹ́ta lọ, 60 lẹ máa yọ dípò 90, ẹ ó sì jèrè 21. Bí ẹ bá kúrò kó tó pé ọdún mẹ́ta, 120 ni, ẹ ó sì pàdánù 39 lọ́dọọdún. Ohun mìíràn tí ìṣirò mi kò lè mú ni pé owó tó wà lọ́wọ́ lónìí àti owó tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn títí dìgbà ìfẹ̀yìntì kì í rí bákan náà lọ́kàn gbogbo èèyàn. Ẹni tí gbèsè tó ń gorí ara wọn ń lé kiri lè sọ pé kí wọ́n fún òun ní 184 òun, kò sì jẹ̀bi.

Kí ẹ tó kọ̀ wọ́n tàbí gbà, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n fi kún 118. Ẹ ní kí 118 dúró, àmọ́ kí ìpìlẹ̀ kúrò ní 50 kó di 80, kí àjẹmọ́nú sì dín kù sí 38. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, 3 lóṣooṣù péré ni ìyẹn máa ná wọn. Ní ti ẹ̀yin, á fi 36 kún ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún yín lọ́dún, á sì dín àdánù ìsinmi ìbímọ kù láti 220 sí bíi 123. Wọ́n lè kọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó àṣejèrè àti owó ìdágbére fún gbogbo òṣìṣẹ́, torí ohun tí wọ́n bá ṣe fún yín ni àwọn yòókù máa béèrè. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn, ẹ béèrè kí wọ́n gba ọkọ àti ọmọ yín sínú adójútòfò láìyọ owó. 72 ni lọ́wọ́ yín, ó sì lè kéré sí i lọ́wọ́ wọn torí èrò púpọ̀ ni wọ́n ń rà á fún. Ẹ tún ní kí wọ́n bá yín bi oníbánigbófò bóyá wọ́n lè fojú fo oṣù 12 yẹn, níwọ̀n bí ẹ ti ń ti orí adójútòfò kan bọ́ sórí òmíràn láìsí àlàfo. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà á, pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ oníbánigbófò tẹ́lẹ̀ tó sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ẹ gba lẹ́tà yẹn kí ẹ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa yára dá yín lóhùn níbẹ̀ mọ́.

Ohunkóhun tí wọ́n bá gbà, kí ó wọ inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Lórí fóònù, ọ̀gá tó fẹ́ kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ á ní kò síṣòro, ọ̀gá yẹn sì lè ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó lóyún.